Báwo ni mo ṣe lè kọ lẹ́tà èébú tó máa dà bí lẹ́tà ọ́fíìsì sí ọ̀rẹ́ mi tó ń ṣe Tottenham?

Ọmọ_Àgbá
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọmọ Arsenal ni mí. Ọ̀rẹ́ mi tímọ́tímọ́ ń ṣe Tottenham, ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ sì ni ẹgbẹ́ méjèèjì máa pàdé. Mo fẹ́ kọ lẹ́tà sí i, irú èyí tó máa dà bíi pé ọ́fíìsì ńlá kan ló ti wá, tí ojú ẹni tó kọ ọ́ kò rẹ́rìn-ín rárá, ṣùgbọ́n tó jẹ́ èébú láti òkè délẹ̀. Ohun tí mo ti kọ rèé:

"Ìwọ olóríburúkú ọmọ Tottenham yìí! Ẹgbẹ́ yín ò wúlò! Ẹ ò gba ife-ẹ̀yẹ kankan láti 2008! Háháhá! A máa nà yín bí ẹní máa kú lọ́jọ́ Àìkú! Ojú á tì ẹ́! Ẹgbẹ́ lásánlàsàn!"

Mo kà á fún ara mi lẹ́ẹ̀mejì, kò pa mí lẹ́rìn-ín. Kí ló ń ṣe é? Mi ò fẹ́ kó ju ojú ewé kan lọ.

Ìyá_Akọ̀wé
Nǹkan mẹ́ta ló ń ṣe é, ẹ jẹ́ kí n mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àkọ́kọ́, ẹ ti rẹ́rìn-ín kí ọ̀rẹ́ yín tó rí àyè rẹ́rìn-ín. "Háháhá" yẹn àti gbogbo àmì ìyanu yẹn ló ba nǹkan jẹ́. Lẹ́tà irú èyí dà bí ẹni tó ń jẹ́jọ́ níwájú adájọ́: bí ojú rẹ̀ bá ti fà sẹ́rìn-ín báyìí, ẹjọ́ ti tán. Ẹ yọ gbogbo àmì ìyanu kúrò, ẹ fi àmì ìdánudúró rọ́pò wọn, ẹ máa wo bí gbólóhùn kan náà ṣe máa yí padà. "Ẹgbẹ́ yín kò wúlò." Ó ti ń dà bí ìròyìn tí wọ́n kọ sínú ìwé báyìí.

Èkejì, "ìwọ". Ọ̀rẹ́ yín ni, "o" lẹ ń pè é lójoojúmọ́. Èdè wa ti fún yín ní irinṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ èdè kò ní: ẹ máa pè é ní "ẹ̀yin". Bí ẹni tó jọ ń gbá yín létí tẹ́lẹ̀ bá ṣí lẹ́tà tó rí "a fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ sọ fún yín," ìdí rẹ̀ á ti fu, ara á ti bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Gbogbo èébú tó bá tẹ̀lé e á wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ di "ẹ" yẹn mú dé òpin. Nínú ohun tí ẹ kọ, ẹ ní "ẹgbẹ́ yín" níbì kan, ẹ ní "ojú á tì ẹ́" níbòmíràn. Ẹni tó bá ń ka á kò ní mọ̀ bóyá òun lẹ ń bá wí ni tàbí gbogbo ọmọ Tottenham.

Ẹ̀kẹta ló burú jù: kò sí òótọ́ kan ṣoṣo níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè yẹ̀ wò, èyí tó sì wà níbẹ̀ kì í ṣe òótọ́. Tottenham gba ife Europa League ní ọjọ́ 21 oṣù karùn-ún 2025 ní Bilbao, wọ́n na Manchester United ní góòlù kan sí òdo. Bí ẹ bá fi "láti 2008" ránṣẹ́, àwòrán ife yẹn nìkan ni ọ̀rẹ́ yín máa fi dá yín lóhùn. Lẹ́tà yín ti kú nìyẹn.

"Olóríburúkú" náà, ẹ yọ ọ́. Èébú tí a lè bú ẹnikẹ́ni lórí ohunkóhun ni, kò kan bọ́ọ̀lù.

Góòlù_Méjì
Mo fara mọ́ Ìyá_Akọ̀wé, àfi lórí ọ̀rọ̀ òótọ́ tí wọ́n fẹ́ kó lò. Èyí tó dùn jù lọ ni ti 1919. Lẹ́yìn ogun, wọ́n fẹ́ fi ẹgbẹ́ méjì kún líìgì òkè, wọ́n dìbò, Arsenal ní ìbò 18, Tottenham ní 8. Bí Tottenham ṣe já sí ìpele kejì nìyẹn tí Arsenal sì gorí àga wọn. Kọ lẹ́tà bíi ti onílé sí ayálégbé: "A dúpẹ́ pé ẹ bá wa tọ́jú ilé náà títí di 1919." Ọ̀rẹ́ rẹ kò ní rí ọ̀rọ̀ kankan sọ.

Àlàáfíà_Ni
Ọmọ_Àgbá, má bínú tí mo bá sọ òótọ́ fún ọ. Ọ̀rẹ́ kì í wọ́n nílé ayé kó tó báyìí. Kí ló dé tí o kò fi pe ẹni tó jù yín lọ kó bá yín parí ìjà yìí? Lẹ́tà èébú kì í tán nílẹ̀, ẹnu ni a fi ń yanjú ọ̀rọ̀.

Ìyá_Akọ̀wé
Àlàáfíà_Ni, kò sí ìjà níbẹ̀ o, ìdápàárá ni wọ́n jọ ń dá. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ sọ wúlò fún wa lápá kan: bí ẹ̀yin tí ẹ kò mọ àwọn méjèèjì bá lè ka ìbéèrè yẹn kí ẹ rò pé ìjà ni, ẹlòmíràn náà lè ka lẹ́tà náà nínú gúrúpù kó rò bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ náà nìkan ni kó fi ránṣẹ́ sí. Bí ọ̀rẹ́ náà bá fẹ́, òun fúnra rẹ̀ á gbé e sí gúrúpù, èyí sì dùn ju kí òǹkọ̀wé gbé e síbẹ̀ lọ.

Góòlù_Méjì, ìbò 18 sí 8 yẹn tọ̀nà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ẹ kò wò. Ipò karùn-ún ni Arsenal ṣe ní ìpele kejì ní 1915, sáà tó gbẹ̀yìn kí wọ́n tó dá líìgì dúró nítorí ogun. Àwọn tó wà lókè wọn wà níbẹ̀ tí wọn kò rí gbà. Ọmọ Tottenham tó bá mọ ìtàn á dáhùn pé: "Ẹ̀yin tí ẹ kò fi bọ́ọ̀lù gòkè ló ń kọ lẹ́tà sí mi?" Ọ̀rọ̀ náà á sì dùn ún dùn ún débi pé kò ní rẹ́rìn-ín mọ́, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì gbà pé wọ́n rẹ́ wọn jẹ. Idà olójú méjì ni 1919. Bí ẹ bá mú un, ẹ ti ṣe tán láti gbọgbẹ́ nìyẹn.

Góòlù_Méjì
Ipò kẹfà ni mo rò pé wọ́n ṣe.

Ìyá_Akọ̀wé
Kẹfà ni wọ́n kọ sílẹ̀ nígbà náà. Nígbà tó yá ni wọ́n tún ìṣirò náà ṣe tó fi di ìkarùn-ún. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú nínú méjèèjì, kò ran Arsenal lọ́wọ́.

Pupa_Láíláí
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo ń ya wọ ìjíròrò onílé. Ọmọ Liverpool ni mí, ọmọ Manchester United ni mo fẹ́ kọ tèmi sí. Ṣé kí n kàn kọ "7–0" sínú ìwé ńlá kan kí n fi ránṣẹ́? Ọjọ́ 5 oṣù kẹta 2023. Kí ni mo tún ń wá lọ sí ilé èébú?

Akéwì_Bọ́ọ̀lù
7–0 tóbi jù fún lẹ́tà, Pupa_Láíláí. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Gbogbo ayé ló ti fi 7–0 bú wọn, ọ̀rẹ́ rẹ ti gbọ́ ọ tó ìgbà ẹgbẹ̀rún, awọ ara rẹ̀ ti le síbẹ̀. Ohun tó ń dunni nínú irú lẹ́tà yìí ni ohun kékeré tí ẹni náà rò pé gbogbo ènìyàn ti gbàgbé. Nínú 7–0 yẹn gan-an, góòlù kan péré ni wọ́n ti gbá wọlé United nígbà tí wọ́n lọ fún ìsinmi àárín eré. Mẹ́fà yòókù, lẹ́yìn tí wọ́n ti jókòó, tí wọ́n ti mu omi, tí olùkọ́ wọn ti bá wọn sọ̀rọ̀ tán ni wọ́n jẹ ẹ́. Kọ lẹ́tà tó ń béèrè ohun tí wọ́n bá wọn sọ nínú yàrá ìmúra. "A ń ṣe ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ ìyànjú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ẹ̀dà ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá àwọn agbábọ́ọ̀lù yín sọ nígbà ìsinmi ránṣẹ́ sí wa." Ìyẹn ni lẹ́tà. 7–0 fúnra rẹ̀ kò ní fara hàn níbẹ̀ rárá, òun fúnra rẹ̀ ló máa kà á lọ́kàn ara rẹ̀.

Kó o sì má fi iye líìgì bú u. Láti 2025 ni ẹ̀yin méjèèjì ti ní ogún-ogún. Ìbádọ́gba kò ṣeé fi buni.

Pupa_Láíláí
Yàrá ìmúra! Ẹ ṣeun, ó ti yé mi.

Ọmọ_Àkùkọ
Ọmọ Tottenham ni mo jẹ́, mo sì ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí wọ́n máa ń bú sọ ibi tó ń dùn ún.

"Ẹ ò gba ife" kò dùn wá mọ́ láti Bilbao. Ipò kẹtàdínlógún tí a ṣe nínú líìgì ní sáà yẹn kan náà kò fi bẹ́ẹ̀ dùn wá, ife wà lọ́wọ́ wa. "Líìgì méjì péré, 1951 àti 1961", a ti gbọ́ ìyẹn láti kékeré. Pé Arsenal gba líìgì ní pápá wa ní 1971, tí wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2004, ó dunni, ṣùgbọ́n ó ti di orin.

Èyí tí a kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ ni ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún 2016, ní Newcastle. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó mọ̀ mọ̀.

Kí ẹ sì rántí pé láti sáà tó tẹ̀lé e, ọdún mẹ́fà tẹ̀léra la fi wà lókè Arsenal nínú líìgì. Kò sí lẹ́tà tí a kò ní fèsì sí.

Ìyá_Akọ̀wé
Ọmọ_Àkùkọ, ẹ ti ṣe wá lóore tó pọ̀. Ohun tí mo ń wá gan-an nìyẹn.

Ọmọ_Àgbá, wò ó, ẹ gbé gbogbo nǹkan yòókù sílẹ̀. Ọjọ́ kan, eré kan. Ohun tí àkọ́pọ̀ òótọ́ ń ṣe ni pé òǹkàwé á máa sáré látorí èyí bọ́ sórí ìyẹn, kò sí èyí tó máa wọ̀ ọ́ lára. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá mú òótọ́ kan tí ẹ gé e sí wẹ́wẹ́, tí ẹ ń gbé e kalẹ̀ ní ìdákan-ìdákan bí ọlọ́pàá tó ń kọ ìròyìn ìjàǹbá, yóò rí ibi tí ẹ ń lọ kí ẹ tó débẹ̀, kò sì ní lè dá yín dúró.

Irú lẹ́tà tí mo bá yín yàn ni lẹ́tà ìbéèrè, èyí tí ọ̀gá ń kọ sí òṣìṣẹ́ tó ṣe àṣìṣe. Ìdí ni pé irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ní àwọn apá tí gbogbo wa mọ̀ láti ilé ìwé, lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ̀ ni: àdírẹ́sì, déètì, ìkíni, àkọlé, ọ̀rọ̀, ìparí, ìbuwọ́lùwé. Ẹ má fo ọ̀kankan. Àkọlé yẹn pàápàá, ẹ fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́. Mo ti gbìyànjú ẹ̀dà kan:

> Ọ́fíìsì Tó Ń Ṣàkọsílẹ̀ Ìjàǹbá Ọjọ́ Ìkẹyìn Líìgì
> (Déètì)
>
> Ọ̀gbẹ́ni Alátìlẹ́yìn Tottenham,
>
> Ọ̀gá wa ọ̀wọ́n,
>
> ÌBÉÈRÈ LÓRÍ OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ NÍ NEWCASTLE NÍ ỌJỌ́ 15 OṢÙ KARÙN-ÚN 2016
>
> A fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ kọ lẹ́tà yìí sí yín. Bí a ṣe ń to àwọn fáìlì wa, a ṣàkíyèsí pé ẹ kò tíì fèsì lórí ọ̀rọ̀ tó wà lókè yìí.
>
> Àkọsílẹ̀ wa fi hàn pé nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ náà mọ́, póìntì 70 ni ẹgbẹ́ yín ní, Arsenal sì ní 68. Ọ̀mì kan péré ti tó yín láti ṣe ipò kejì. Newcastle lẹ lọ bá. Newcastle ti já kúrò nínú líìgì náà kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ wọn.
>
> Ní ìṣẹ́jú 67, nígbà tí wọ́n ń fi góòlù méjì sí ọ̀kan nà yín, rẹfirí lé ọ̀kan nínú wọn jáde. Ẹni mẹ́wàá ló kù. A gbà pé ìrànlọ́wọ́ ni wọ́n ṣe fún yín.
>
> Lẹ́yìn ìrànlọ́wọ́ yìí, ẹni mẹ́wàá náà gbá góòlù mẹ́ta sí i.
>
> A kò gbàgbé pé àwa náà jẹ góòlù mẹ́jọ ní Old Trafford ní ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ 2011. A ti fèsì sí ìbéèrè tiwa, a sì ti ti fáìlì rẹ̀.
>
> Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàlàyé fún wa ní kíkọ, láàárín ọjọ́ méje, ẹni tí ẹ fún ní ipò kejì yẹn mú dání.
>
> Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
> (Ìbuwọ́lùwé)
> Fún ọ́fíìsì

Ẹ wò ó pé kò sí èébú kan níbẹ̀ ní ti èébú. Gbólóhùn tó ṣe é ni èyí tó ní "ìrànlọ́wọ́". Mo fi sílẹ̀ ní òun nìkan, lẹ́yìn náà mo fi ìyókù sí ìpínrọ̀ tirẹ̀ tó jẹ́ gbólóhùn kan. Bí ẹ bá da ìpínrọ̀ méjèèjì pọ̀, ojú á sáré kọjá lórí rẹ̀.

Akéwì_Bọ́ọ̀lù
Ó dára púpọ̀. Àríwísí méjì ni mo ní.

Ẹ yọ ìpínrọ̀ Old Trafford kúrò. Kí ló dé tí ènìyàn máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ọ̀bẹ lé ọ̀tá lọ́wọ́? Ọ̀gá tó ń bi òṣìṣẹ́ ní ìbéèrè kì í kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀. Ó já okùn ìbínú tí ẹ ti ń fà bọ̀ láti òkè, ní ibi tó yẹ kó le jù.

Èkejì, ìparí. Ẹ ti di "ẹ" mú dáadáa dé òpin, ṣùgbọ́n èmi á jù ú sílẹ̀ nínú ìlà tó gbẹ̀yìn. Lẹ́yìn "Fún ọ́fíìsì", ẹ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, ní lẹ́tà kékeré: "O rí ayé ẹ?" Ọ̀rọ̀ mẹ́rin. Aṣọ àgbà tí lẹ́tà náà gbé wọ̀ á já bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀rín tó ti ń mú dání á bú jáde.

Ìyá_Akọ̀wé
Ti Old Trafford, mi ò gbà fún yín. Ohun àkọ́kọ́ tí ọmọ Tottenham máa ké nígbà tó bá ka lẹ́tà tán ni "8–2 ńkọ́?" Bí ẹ bá ti kọ ọ́ síbẹ̀ ṣáájú, ìdáhùn yẹn ti ti ẹnu rẹ̀ kúrò. Àti pé "a ti ti fáìlì rẹ̀" tún jẹ́ èébú mìíràn fúnra rẹ̀, ó ń sọ pé àwa ti gbà, ẹ̀yin ni ẹ kò tíì gbà. Ohun tí mo lè gbà ni pé kí ìpínrọ̀ náà má ju gbólóhùn méjì lọ, kó sì jẹ́ èyí tí ó ti wọ́pọ̀ lẹ́nu wọn. Ẹni tó bá lọ jẹ́wọ́ ohun tí ọ̀tá kò mọ̀ ti fi ọ̀bẹ lé e lọ́wọ́ lóòótọ́.

Ti "O rí ayé ẹ?", ẹ̀yin lẹ mọ̀. Èmi kò ní fi síbẹ̀. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín sí lẹ́tà náà ti rẹ́rìn-ín kó tó débẹ̀, ẹni tí kò bá sì rẹ́rìn-ín, ìlà yẹn kò ní ràn án lọ́wọ́.

Góòlù_Méjì
"O rí ayé ẹ?" ló pa mí lẹ́rìn-ín jù nínú gbogbo ẹ̀. Ẹ fi síbẹ̀.

Ọmọ_Àkùkọ
Àtúnṣe kan lórí lẹ́tà náà. Ọ̀kan nínú góòlù mẹ́ta yẹn, pẹnálítì ni. Kò yí ohun tí lẹ́tà sọ padà, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ Ọmọ_Àgbá lè fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn, tí gbogbo ọ̀rọ̀ á sì di bóyá pẹnálítì ni tàbí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí mo bá jẹ́ ẹ̀yin, màá kọ "góòlù mẹ́ta sí i, pẹnálítì kan wà nínú rẹ̀". Yóò tún jọ ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì sí i.

Fún 8–2, Ìyá_Akọ̀wé ló tọ̀nà. Òun gan-an ni mo ti fẹ́ kọ sísàlẹ̀ níbí kí n tó rí i nínú lẹ́tà náà.

Àgbà_Pápá
Mo rí i pé kò tíì sí ẹni tó sọ nípa ààlà, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí lẹ́tà tó jáde.

Ìwà ẹgbẹ́ àti bí ọ̀rẹ́ yín ṣe rọ̀ mọ́ ọn ni kí ẹ máa bú. Ẹ má fọwọ́ kan ara rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀, ẹbí rẹ̀ tàbí àpò rẹ̀. Ìdí ni pé ẹgbẹ́ jẹ́ ohun tí ó yàn, tí ó sì lè gbèjà. Kò sí ohun tó fẹ́ gbèjà lórí imú tí wọ́n bí i mọ́.

Ti Tottenham ní ààlà mìíràn tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Ó ti pẹ́ tí àwọn Júù ti wà lára alátìlẹ́yìn wọn, ọ̀pọ̀ èébú tí àwọn ọ̀tá wọn máa ń kọ lórin ní pápá ló sì jẹ́ ìkórìíra Júù. Bí ẹ bá rí ìnagijẹ kan lórí ayélujára tí ó dà bíi pé gbogbo ènìyàn fi ń pè wọ́n, tí ẹ kò mọ ibi tó ti wá, ẹ fi sílẹ̀.

Pupa_Láíláí, ìwọ náà. Láàárín Liverpool àti United, ẹnikẹ́ni kì í fi Munich 1958 ṣeré, ẹnikẹ́ni kì í fi Hillsborough 1989 ṣeré. Ènìyàn 23 ló kú nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú tó gbé United já ní Munich, alátìlẹ́yìn Liverpool 97 ló sì kú nígbà tí èrò tẹ ara wọn pa ní pápá Hillsborough. Pàápàá jù lọ, ẹ kíyè sí "ìjàǹbá". Ọ̀rọ̀ tí Ìyá_Akọ̀wé lò nínú àkọlé ọ́fíìsì rẹ̀ dára fún Arsenal àti Tottenham. Bí ìwọ bá gbé e lọ sínú lẹ́tà sí ọmọ United, ohun mìíràn ló máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Pe tìrẹ ní "Ọ́fíìsì Tó Ń Wádìí Ọ̀rọ̀ Ìyànjú".

Pupa_Láíláí
Mi ò bá ti dà á kọ lóòótọ́. Ẹ ṣé, Àgbà.

Ìyá_Akọ̀wé
Àgbà_Pápá, ẹ ṣeun. Mi ò ronú kan ìyẹn rárá.

Ọmọ_Àgbá
Ẹ̀yin ará, mo dúpẹ́. Mo ti tún un kọ, pẹnálítì wà níbẹ̀, Old Trafford wà níbẹ̀. Mo yọ "olóríburúkú". Mo fi gbólóhùn kan kún un lẹ́yìn "Ọ̀mì kan péré ti tó yín": "Ọdún mọ́kànlélógún ni ẹ ti ń retí àtiwà lókè wa." Ṣé ó tọ̀nà?

Ìbéèrè tó kù: ṣé kí n fi ránṣẹ́ ṣáájú eré ọjọ́ Àìkú ni, tàbí lẹ́yìn rẹ̀?

Ọmọ_Àkùkọ
Láti sáà 1995 la kò ti wà lókè yín títí di 2016, iye náà tọ̀nà. Ibi tí o fi sí ni kò dára. Ó wà láàárín "ọ̀mì kan péré" àti "Newcastle lẹ lọ bá", ó ya àwọn méjèèjì nípá. Gbé e lọ sí ìpínrọ̀ àkọ́kọ́, tàbí kó o yọ ọ́.

Akéwì_Bọ́ọ̀lù
Ṣáájú eré. Bí ẹ bá fi ránṣẹ́ lẹ́yìn tí ẹ ti nà wọ́n, ìfọ́nnu lásán ni, ẹnikẹ́ni lè ṣe é. Alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, nígbà tí ọkàn rẹ̀ ti ń dàrú tẹ́lẹ̀. "Láàárín ọjọ́ méje" inú lẹ́tà náà á sì ti bo ọjọ́ eré mọ́ra.

Àgbà_Pápá
Lẹ́yìn eré ni tèmi, yálà ẹ nà wọ́n tàbí wọ́n nà yín. Bí ẹ bá fi ránṣẹ́ ṣáájú tí wọ́n sì nà yín, ìdáhùn ìlà kan ló máa fi pa lẹ́tà ojú ewé kan. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá nà yín tán, tí ìbéèrè nípa 2016 wá wọlé ní aago méje alẹ́ ọjọ́ náà bíi pé ọ́fíìsì náà kò gbọ́ ohunkóhun nípa eré tó ṣẹlẹ̀, ìyẹn ni ojú tí kò rẹ́rìn-ín.

Góòlù_Méjì
Ha! Kí wọ́n nà á kó tún máa kọ lẹ́tà? Ó ti tẹ́ nìyẹn.

Ìyá_Akọ̀wé
Mo ti ka ti Àgbà_Pápá lẹ́ẹ̀mẹta, mi ò mọ èyí tí mo máa yàn mọ́.

Ọmọ_Àgbá, ìgbàkígbà tí ẹ bá fi ránṣẹ́, ẹ kọ déètì ọjọ́ náà gan-an sí i, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé kí ẹ ya àwòrán rẹ̀, tàbí kí ẹ sọ ọ́ di fáìlì. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tààrà sínú Wasáàpù, ojú ìlà á fọ́ káàkiri, ìpínrọ̀ gbólóhùn kan yẹn kò ní dá dúró mọ́.

Ọmọ_Àgbá
Alẹ́ Àbámẹ́ta ni mo máa fi ránṣẹ́. Mo yọ ọdún mọ́kànlélógún. "O rí ayé ẹ?" ṣì wà níbẹ̀, mo ń rò ó.

Ọmọ_Àkùkọ
Bí ó bá bi ọ́ pé báwo ni kí òun ṣe fèsì, sọ fún un kó wá síbí. Mo ti ní lẹ́tà kan lọ́kàn, àkọlé rẹ̀ ni "ÌFITÓNILÉTÍ LÓRÍ SÁÀ MẸ́FÀ, 2017 SÍ 2022".